Lẹ́tà Tí Kò Mú Gbèsè Dání

Alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ọkọ mi nítorí Áíkàn. Ojú ewé méjì gbáko ni. Mo sọ fún un pé ó dá mi lójú pé yóò yege, pé gbogbo ẹbí ló ń retí ìròyìn ayọ̀, pé màmá rẹ̀ ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé owó èsúsú mi tí mo fi kún owó ìdánwò náà kò dùn mí rárá. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó kà á, ó ní, "O ṣeun, ìyàwó mi," ó ká a, ó dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo jí ní aago méjì òru, mo bá a ní pálọ̀ tó jókòó sínú òkùnkùn. Kò kàwé, kò sì sùn.

Nígbà tó máa tún padà lọ lọ́dún kejì ni mo tó jókòó ro ohun tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ṣe lára ẹni tó bá gbà á. Kí ló ń gbé lé e lórí? Kí ló ń sọ̀ kalẹ̀ fún un? Mo bi àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti la irú rẹ̀ kọjá, mo sì ka díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ti wádìí.

Ká kọ́kọ́ wo ìdánwò náà fúnra rẹ̀, nítorí lẹ́tà tó yẹ ọmọ tó ń lọ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì kò yẹ bàbá ọlọ́mọ. Áíkàn ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà. Òfin ló dá a sílẹ̀ ní 1965, Akíntọ́lá Williams sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò wọn, èyí tó kẹ́yìn sì ni ọkọ mi ń bá jà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe mọ́ ìwé kíkà. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méje alẹ́, tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ti gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé. Máàkì 50 nínú 100 ni wọ́n fi ń yege nínú bébà kọ̀ọ̀kan. Ipò kìíní kọ́ ni àwọn ọkọ wa ń wá níbẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ sọdá ni.

Àkókò ló máa ń dá wọn lóró jù. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 15 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bébà náà, ìṣẹ́jú 15 náà sì wà fún kíka ìbéèrè. Ìṣẹ́jú 180 ló kù fún máàkì 100, ìyẹn ni pé máàkì kan kò ní tó ìṣẹ́jú méjì. Ìbéèrè tó bá ní máàkì 30 gbọ́dọ̀ parí ní ìṣẹ́jú 54. Ẹ wá wo ọkùnrin tó jókòó sí gbọ̀ngàn, tí ààwẹ̀ màmá rẹ̀ bọ́ sí i lọ́kàn, tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pére wo ojú ewé láì rí ohun tó wà níbẹ̀. Máàkì márùn-ún àti díẹ̀ ti lọ nìyẹn. Máàkì 46 ni ọkọ mi gbà nínú bébà kan lọ́dún tí mo kọ lẹ́tà olójú ewé méjì yẹn. N ò ní lẹ́tà ló fà á, nítorí èmi náà mọ iye alẹ́ tí oorun gbé e lọ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kò sí lára rẹ̀.

Ìdí tí èrò kékeré fi lè ṣe báyìí kò ṣòroó yé. Ibi tí ọpọlọ ń gbé nǹkan dúró sí nígbà tó bá ń ṣírò kò fẹ̀. Bí ẹni tó ru omi, tó gbé ọmọ pọ̀n, tí wọ́n tún ní kó bá àwọn mú ìgò epo lọ́wọ́ ni. Oníṣirò owó tó ń pa ìwé ilé iṣẹ́ ìyá àti ìwé ilé iṣẹ́ ọmọ pọ̀ di ọ̀kan máa ń gbé iye mẹ́rin tàbí márùn-ún dání lẹ́ẹ̀kan náà: ìdá tí ìyá ní nínú ọmọ, gbèsè tí àwọn méjèèjì jẹ ara wọn, èrè tí kò tíì wọlé. Tí ìbẹ̀rù bá wọ ibẹ̀, kò ní jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àyè àwọn iye yẹn gan-an ló máa gbà.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́tà ni pé: ṣé ìwọ yóò bá a wọ gbọ̀ngàn, àbí o máa dúró sílé?

Ìwádìí kan wà tó bá ọ̀rọ̀ wa mu bíi pé inú ilé wa ni wọ́n ti ṣe é. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Niall Bolger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000. Tọkọtaya ni wọ́n wò, ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti ń múra ìdánwò tí wọ́n fi ń di lọ́yà. Fún nǹkan bí oṣù kan, ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń kọ̀wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń ṣèdánwò ń kọ bóyá wọ́n ran òun lọ́wọ́ lónìí àti bí ọkàn òun ṣe rí. Ẹnì kejì ń kọ bóyá òun ṣe ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi ìwé méjèèjì wéra, ọjọ́ tí ẹnì kejì sọ pé òun ṣe ìrànlọ́wọ́, tí ẹni tó ń ṣèdánwò kò sì mọ̀ pé wọ́n ṣe é, ni ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ọjọ́ tó bá mọ̀ pé wọ́n ń tu òun nínú, ọkàn rẹ̀ tún máa ń rẹ̀wẹ̀sì sí i ni.

Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ẹni tí a bá ń tù nínú ti gbọ́ pé nǹkan ń ṣe òun nìyẹn. Tí ó bá sì jẹ́ ọkùnrin tó ti máa ń gbọ́ bùkátà ilé, yóò tún gbọ́ pé òun ti di ẹni tí wọ́n ń gbé. Àwọn onímọ̀ kan náà padà wò ó ní 2006, wọ́n rí i pé ó ní irú ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtùnú lẹ́nu ló máa ń dá kún wàhálà. Ìrànlọ́wọ́ ọwọ́, irú ká dáná, ká gbálẹ̀, ká lọ ra nǹkan, ń dín àárẹ̀ kù, kódà tí ẹni náà bá rí i. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn ènìyàn ni wọ́n kà, àwọn kọ́ ló pinnu ẹni tí wọ́n máa ràn lọ́wọ́, nítorí náà kò yẹ ká sọ ọ́ di òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, mo mú lẹ́tà mi àtijọ́ jáde, ojú sì tì mí.

"Ó dá mi lójú pé ẹ ó yege." Mo rò pé mo ń fún un lágbára. Ohun tó gbọ́ ni pé tí òun bá fìdí rẹmi, òun ti já mi kulẹ̀. Gbólóhùn nípa ẹbí kó ènìyàn mẹ́rìnlá wọ gbọ̀ngàn tí ẹnì kan ṣoṣo ní ìwé ìwọlé sí. Èyí tó burú jù ni owó èsúsú. Ta ló máa ń sọ pé owó kan kò dun òun, bí kò ṣe ẹni tó ti kà á? Oníṣirò owó ni mo sì kọ ọ́ sí. Kí ló fẹ́ ṣe ju pé kó kọ ọ́ sí apá gbèsè?

Mo tún kọ "ẹ fọkàn balẹ̀" nígbà mẹ́ta nínú lẹ́tà yẹn. Alison Wood Brooks ní Yunifásítì Háfáàdì fi hàn ní 2014 pé àwọn tó sọ fún ara wọn pé inú àwọn ń dùn sí ohun tí àwọn fẹ́ ṣe ṣe dáadáa ju àwọn tó ní kí ara àwọn rọlẹ̀ lọ, bóyá orin ni wọ́n fẹ́ kọ, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ, tàbí ìṣirò. Àyà tó ń lù kìkì kì í gbọ́ àṣẹ. Ó rọrùn láti yí orúkọ tí a ń pe lílù náà padà ju láti dá a dúró lọ. Àwọn bàbá ńlá wa ti mọ èyí, ohun tí oríkì wà fún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń ki jagunjagun pé kó fara balẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó wú.

Lẹ́tà kejì, ojú ewé kan ni, mo sì fún un ní alẹ́ Ẹtì, nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ìdí tí mo fi fún un láyè tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó dùn tún ń gba àyè lọ́kàn. Tí ó bá kà á lálẹ́ àìsùn tàbí láàárọ̀ ìdánwò, yóò ṣì máa dún létí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣí ìwé ìbéèrè. Ọjọ́ mọ́kànlá tó kó rọlẹ̀, tó sì di ohun tó mọ̀. Bó ṣe lọ nìyí:

Àlàó mi, olówó orí mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń yọjú wò yín lálẹ́ àná, ẹ ò mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ilé iṣẹ́ ìyá àti ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fa ìlà pa á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wá bára mu, ẹ wo aago, ẹ ní, "Ìṣẹ́jú 52." Nínú oṣù Kejì, wákàtí kan àbọ̀ ló ń gbà yín.

Láti ọ̀la lọ, ọ̀rọ̀ iléèwé àwọn ìbejì, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ mi ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì parí síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ kan. Ìwé ọjà mi kò bára mu mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló ń pọ̀jù, mo sì ti wá a títí. Ẹ bá mi fojú sí i lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bébà ìkẹyìn, iyán ni a ó jẹ. Mi ò ní dúró de èsì ká tó gún un.

Ọlọ́run á tì yín lẹ́yìn.

Èmi ni, Ìyá Ìbejì.

Kò sí ìmọ̀ràn kankan níbẹ̀ lórí bó ṣe yẹ kó kàwé, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ìpín àkọ́kọ́ ló gbà mí lákòókò jù. N ò sọ pé ó gbọ́n, n ò sì sọ pé yóò yege. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀, tó ní ọjọ́, tó ní iye, ni mo kà fún un. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá mú lè bá ìyìn jiyàn pé ìyàwó mi ni, ó gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Kò lè bá ìṣẹ́jú 52 jiyàn, òun ló fẹnu ara rẹ̀ kà á. Ẹ̀rí báyìí kò sì ṣeé ṣẹ̀dá lálẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà. Ó di dandan kí ẹ ti máa wò ó láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìsọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ohun kankan láti kà nítorí pé kò tíì kàwé, lẹ́tà kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Kí ẹ kọ nípa iyán nìkan.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ọwọ́, mo sì kọ ọ́ bí ìgbà tí a bá ń pín iṣẹ́ ilé. Kò sí "mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù fún yín" níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ṣe kò sí nínú lẹ́tà rárá. Mo bẹ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kó máa gba ìpè màmá wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa sọ fún wọn pé bọ̀ọ̀dá ń kàwé. Mo tẹ ìwé ìwọlé ìdánwò ní ẹ̀dà méjì, mo fi ọ̀kan sínú báàgì mi. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ní mo fẹ́ lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ ní àdúgbò kan, kó jọ̀ọ́ fi mọ́tò gbé mi. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣèdánwò ni àdúgbò náà. Ó rí géètì, ó rí ibi tí mọ́tò ti ń dí, ó sọ fúnra rẹ̀ pé, "Aago mẹ́fà ló yẹ ká ti kúrò nílé o." Títí di òní, ó gbà pé òun ló ronú kan èyí. Ìlẹ̀kẹ̀ náà sì lẹ́wà.

Ìpín tó ya àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ni ti ìwé ọjà. Ṣé ẹni tó ń ṣe Áíkàn ló yẹ kí n tún fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dà láàmú? Àwọn Bolger yìí kan náà ti rí i nínú iṣẹ́ mìíràn ní 2003 pé ìrànlọ́wọ́ tí a gbà kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí àwa náà bá ṣe ìrànlọ́wọ́ padà. Ẹni tó ń gbà, gbà, gbà, tí kò rí nǹkan fún ẹnikẹ́ni, á máa rò pé òun ti ń jẹ gbèsè. Iṣẹ́ tí a ó sì bẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kékeré, kó jẹ́ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kó sì jẹ́ òótọ́. Tí ẹ bá purọ́ pé nǹkan sọnù, oníṣirò owó á mọ̀.

Iyán ọjọ́ tó bá parí ni ìlérí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Èsì Áíkàn kì í jáde lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ pọ̀ láàárín. Tí a bá so àjọyọ̀ mọ́ èsì, a ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kún ìdánwò nìyẹn. Ti àdúrà ńkọ́? Gbólóhùn kan tó. Àdúrà yòókù, Ọlọ́run ni mo bá sọ ọ́, kò pọn dandan kí ọkọ mi kà á. Mo sì ń yẹra fún àdúrà tó ń dárúkọ ohun tí a kò fẹ́, irú "ojú ò ní tì yín," nítorí ìtìjú ni etí ẹni tó ń bẹ̀rù máa kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ má rò pé kúkúrú rẹ̀ jẹ́ àìní ìfẹ́. Àwọn Yorùbá àtijọ́ a máa fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ pé ọkàn òun fà mọ́ ọn, nítorí ẹẹ́fà ń dún bíi fífà. Bó bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ló máa fi dáhùn, pé àwọn méjèèjì jọra. Kò sẹ́ni tó fi àpò ẹyọ kan ránṣẹ́ níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé lẹ́tà ti ṣì í ṣe? Tí ó bá ń dúpẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máà bínú sí òun láìṣẹ̀, ó ti ń ka gbèsè. Tí ó bá ti máa ń fi máàkì tó gbà nínú ìdánrawò hàn yín tẹ́lẹ̀, tó wá ń fi pamọ́, ó ti ka yín mọ́ àwọn tó ń dúró de èsì. Mi ò ní kọ lẹ́tà mìíràn láti tún un ṣe. Màá sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn ni, màá sì wá iṣẹ́ kékeré kan bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin kan sì wà tí lẹ́tà kì í bá lára mu rárá. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi kan kà tirẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń dágbére fún un. Ọ̀rẹ́ mi kò kọ ọ́ mọ́, ó kàn ń bá a jókòó ní pálọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan nípa lẹ́tà náà ní alẹ́ Ẹtì. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó ní kí n gbé ìwé ọjà wá. Ogójì ìṣẹ́jú ló lò dípò mẹ́wàá, ó fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó ń mi orí. Owó oníbàárà kan ni mo kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ kan náà, lójú ewé méjì. "Ìyá Ìbejì," ó ní, "irú ìwé wo lò ń kọ báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wọlé lọ sùn fún wákàtí kan, kó tó padà sídìí ìwé tirẹ̀.